Ìpàdé ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀: ohun tí a fẹnu kò sí nílé Bàbá ní Ìkéré, ọjọ́ Àìkú 6 Oṣù Kẹsàn-án 2026

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbọ́ ohùn tí Táíwò gbà sílẹ̀ tán, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 47, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Mo kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ibi tí a ti jiyàn, kí ẹni tí kò bá dá lójú lè lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Àbámẹ́ta 12 Oṣù Kejìlá ni ìdána, ní àgbàlá Bàbá. A kò gba gbọ̀ngàn. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yóò wáyé ní Àbámẹ́ta 3 Oṣù Kẹwàá, níbì kan náà, èèyàn 15 péré láti ọ̀dọ̀ àwọn àna wa ní Ọ̀yẹ́.

Àlejò ọjọ́ ìdána, 250. Níbí ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (ìṣẹ́jú 38), n kò sì gbọ́ bóyá 150 ni Bùọ̀dá Èkó sọ tàbí 250. Mo pè wọ́n lálẹ́ àná, wọ́n ní 250 ni, 60 àwọn àna wa wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a tún fi kún un, nítorí iye yìí la fi ṣírò oúnjẹ.

Owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,400,000 náírà. Màlúù kan, 900,000. Iṣu 150, 375,000. Ìrẹsì, epo, ata àti igi ìdáná, 285,000. Ohun mímu, 350,000. Kánópì, àga àti tábìlì, 220,000. Alága ìjókòó, 120,000. Olórin àti ẹ̀rọ rẹ̀, 150,000. Aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀, kálukú ló máa ra tirẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Adó. 17 Oṣù Kẹwàá ni wọn kò ní gbowó aṣọ mọ́.

Bí a ṣe pín in: Bàbá 800,000; Bùọ̀dá Èkó 600,000; Màmá 300,000; Àǹtí Adó 250,000; Bàbá Ìkọ̀lé 200,000; Màmá Ìfàkì 150,000. Ọwọ́ Àǹtí Adó ni gbogbo owó máa wà. Kí ìdajì ti wọlé ní 3 Oṣù Kẹwàá, kí ìyókù pé ní 31 oṣù náà. Ẹ má fún mi lówó o, ìwé nìkan ni mò ń kọ.

Ọ̀rọ̀ iyán gbà wá ní ìṣẹ́jú 20. Bùọ̀dá Èkó ní ìrẹsì ti tó, Ìyá Àgbà ní "uyán ṣáá ni", wọ́n sì bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n ti ń fa ọmọ Èkìtì fọ́kọ láìgúnyán. Ibi tí a parí sí: odó 8 yóò gún ti àwọn àgbà àti àwọn àna, ẹ̀rọ yóò gún ti àwọn yòókù, ìrẹsì yóò sì wà. Màmá Ìfàkì ló ń wá àwọn tó máa gún un, wọn kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ará Ọ̀yẹ́ tó wọlé, kí iyán má baà tutù. Bàbá Ìkọ̀lé yóò bá àwọn ará Ọ̀yẹ́ sọ ọ́ kí wọ́n gbéra ní aago 7 àárọ̀.

Bàbá Ìkọ̀lé náà ló ń ra iṣu, kó délé ní 8 Oṣù Kejìlá, àti màlúù ní ọjọ́ kẹwàá. Bùọ̀dá Èkó: ohun mímu àti olórin. Táíwò: kánópì, àga, iná àti omi. Màmá: alága ìjókòó, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí oṣù Kejìlá ni. Bọ́sẹ̀: kó fi ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn àna. Obì, orógbó, atáare àti iṣu, 42 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀. Bàbá yọ àwọn ohun tó wọ́n kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ Bàbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ (ìṣẹ́jú 71): "Bí wọ́n bá gbé owó orí wá, èmi yóò dá a padà níwájú gbogbo ènìyàn. N kò ta ọmọ mi." Gbogbo ilé dákẹ́. Kí Màmá rán alága létí o, kó má baà kọjá ibẹ̀.

Ó ku 100,000 tí kò tíì ní olówó. Ìyá Àgbà tú ìdí aṣọ wọn, wọ́n mú 20,000 owó obì tí wọ́n tà jáde, Bàbá sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi pa mọ́. N kò kà á mọ́ ọn. Ẹni tó bá lè gbé 100,000 náà, tàbí ẹni méjì tó bá fẹ́ pín in, kó pè mí kó tó di Àbámẹ́ta 19 Oṣù Kẹsàn-án.

Kẹ́mi, ọmọ Àǹtí Adó