Bánà Mọrẹ́nikẹ́

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni nígbà tí Wàsíù gun àkàbà nínú gbọ̀ngán ayẹyẹ kan ní Ìta-Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú, tí ó sì so igun òkè bánà mọ́ irin. Ìbú bánà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, gíga rẹ̀ jẹ́ 8. Àwọ̀ wáìnì ni ilẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ wúrà sì ni wọ́n fi kọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń gbé bánà ńlá lọ, àti láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ó ti dé ni ó ti wà ní kíká nínú ọ̀rá, tí ẹnikẹ́ni kò tú u wò.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ìjókòó àwọn àlejò, kí ó lè mọ̀ bóyá bánà náà dúró déédéé. Ó dúró déédéé. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni kò pé. Ìlà kìíní sọ pé ìdána ni, ìlà kejì, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju gbogbo ìyókù lọ, sì kà báyìí pé: MORENKE ÀTI ADEBAYO.

Wàsíù tún un kà. Ó fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti òkèèrè, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà, ó sì rí i pé láàárín N àti K, ibi tí ó yẹ kí I wà, kò sí nǹkan kan. Ó mú fóònù jáde, ó wá iṣẹ́ tí ìdílé ìyàwó fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ wọn síbẹ̀ pé pérépéré. Ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀bi wà.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ títí, nọ́ńbà náà kò lọ. Ọ̀gá ti lọ sí Abẹ́òkúta fún ìsìnkú àna rẹ̀, ó sì ti sọ pé òun yóò padà dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ní aago mẹ́wàá. Láti lọ sí Ṣómólú tún un tẹ̀ kò ṣeé ṣe: ẹni bá mọ bí ọkọ̀ ṣe ń há láti Máìlì 12 dé Kétu ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò mọ̀ pé ìyàwó yóò ti jókòó kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó padà dé.

Ẹni tí ó ń bójú tó gbọ̀ngán, bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ tábìlì, wo bánà náà, ó sì ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò ka ìyẹn? Oúnjẹ ni àwọn èèyàn ń bọ̀ wá jẹ. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Baba, ẹni tó ni orúkọ yóò kà á," ni Wàsíù dá a lóhùn. "Gbogbo fọ́tò tí wọ́n bá yà lónìí, ó máa wà níbẹ̀."

Ó lọ bá Àǹtí Bùsọ́lá, àbúrò ìyá ìyàwó, tí ó ń ka àga níta. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó sì sọ ọ́ fún un láìfepo bọyọ̀: lẹ́tà kan ti fò nínú orúkọ Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́, ṣọ́ọ̀bù àwọn ló ṣe é, òun sì fẹ́ tún un ṣe. Obìnrin náà wọlé, ó wò ó, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ìyá wa ń bọ̀ láti Ìjẹ̀dé. Àwọn ni wọ́n sọ ọmọ yìí lórúkọ. Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà ní ojoojúmọ́ ayé wọn, kò sí lẹ́tà tí ojú wọn máa ń fò." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá rẹ dà?"

"Wọ́n wà lọ́nà, mà. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé."

"Wákàtí mẹ́ta ni mo lè fún ọ. Tí kò bá ṣeé ṣe, a ó ká a nílẹ̀, a ó fi aṣọ tẹ́ ògiri. Má sì jẹ́ kí ìyàwó gbọ́."

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀ ni pé kí ó gé I kan ṣoṣo, kí ó sì fi há àárín N àti K. Òótọ́ ni pé lẹ́tà I kò sanra, òun ló tín-ín-rín jù nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi rúlà wọn àlàfo náà, ó rí i pé kò fẹ̀ tó I fúnra rẹ̀, ká má tíì sọ pé kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Bí ó bá fi há a, orúkọ náà yóò pé, ṣùgbọ́n yóò rí bí èrò tí wọ́n fún mọ́ àárín ẹni méjì nínú dánfó. Àbùlẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí kì í ṣe àtúnṣe. Àfi kí ó tún gbogbo orúkọ náà tẹ̀ sórí sitíkà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣí fáìlì náà nínú CorelDRAW. Ó tẹ I sí ààyè rẹ̀, ó sún àwọn lẹ́tà yòókù títí àlàfo wọn fi dọ́gba. Bí ó ti ń wò ó, ó rántí ìyá àgbà tí ń ka Bíbélì, ó sì fi àmì sí ìsàlẹ̀ O àti E méjèèjì. MỌRẸNIKẸ. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti ṣe ti ìyàwó, kò ní dára kí ti ọkọ wà láìní àmì, nítorí náà ADEBAYỌ gba tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìṣòro tó kù ni àwọ̀. Ẹ̀rọ tí ó wà ní Sábó, tí ó ń tẹ sitíkà, kì í ṣe ẹ̀rọ tí ó tẹ bánà náà, sitíkà sì máa ń dán ju bánà lọ. Wáìnì ti ìhín lè pọ́n, kí ti ọ̀hún dúdú. Wàsíù ti gé etí bánà náà díẹ̀ níbi tí wọ́n ká a sẹ́yìn rán, ó sì fi sápò. Nígbà tí ó dé Sábó, ó bẹ ẹni tó ni ẹ̀rọ pé kí ó kọ́kọ́ tẹ àwọ̀ wáìnì oríṣi mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ etí bánà náà nínú oòrùn. Ọ̀kan súnmọ́ ọn gan-an, ṣùgbọ́n kò bá a mu tán.

Ibí yìí ni ọgbọ́n ọmọkùnrin náà ti hàn. Dípò tí yóò fi gé sitíkà mọ ibi tí orúkọ wà, ó pinnu pé kí ó jẹ́ ọ̀já kan tí yóò la bánà náà kọjá láti etí kan dé èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 10 gbáko, kí ìlà wúrà sì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àwọ̀ bá yàtọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó yóò gbà pé bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó rí nìyẹn. Ìlà wúrà náà yóò sì bo ibi tí sitíkà ti pàdé bánà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí, ó sì gba owó sitíkà nìkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Aago mẹ́jọ ti kọjá nígbà tí ó padà dé gbọ̀ngán. Ó to tábìlì mẹ́rin pọ̀, ó tẹ́ bánà lé wọn lórí, ó fi aṣọ tí ó rẹ sínú sípíríìtì nu gbogbo ibi tí ọ̀já náà yóò gbà, nítorí pé eruku kékeré kan tó láti mú kí sitíkà wú. Ó po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ó fọ́n ọn sí i, kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sitíkà náà má bàa di mú lójijì, kí ó lè sún un bí kò bá gún. Baba olùtọ́jú gbọ̀ngán ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó di etí kejì mú. Wàsíù ń ṣí bébà ẹ̀yìn sitíkà náà ní díẹ̀díẹ̀, bí ìbú ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi káàdì tí ó wé mọ́ aṣọ ti omi àti afẹ́fẹ́ jáde láti àárín lọ sí etí. Lórí ẹsẹ̀ Ẹ tí ó kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ kan kọ̀ kò jáde. Ó fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó pẹlẹbẹ.

Omi tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ kò ní gbẹ kí aago mẹ́wàá tó lù. Àǹtí Bùsọ́lá wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ojú ìyàwó, ó sì mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun jáde. Ó ní òun sọ fún wọn pé gèlè òun ló tutù. Wàsíù fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i láti òkèèrè, kò jẹ́ kí ó pẹ́ lójú kan, kí bánà má bàa súnkì.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ku díẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́. Ìyá àgbà ti Ìjẹ̀dé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n wá ìjókòó iwájú fún wọn, wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n sì ka bánà náà sókè, láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka ẹsẹ Bíbélì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Bùsọ́lá pé ta ló kọ ọ́.

"Ọmọ yìí ni, mà."

"Ìwọ ló fi àmì sí i?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun. Ìwé ìbí rẹ̀ pàápàá kò ní i."

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọlé, aṣọ ìsìnkú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti rí àwọn ìpè tí kò wọlé nígbà tí ó kúrò ní Ṣàgámù, Wàsíù sì ti ṣàlàyé fún un lórí fóònù. Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ bá bánà náà, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà wúrà láti etí dé etí, ó ń wá ibi tí ó bá ṣí. Kò rí i. Ó lọ bẹ Àǹtí Bùsọ́lá, ó sọ pé àṣìṣe òun ni, òun yóò sì dá ìdajì owó padà ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ó fà Wàsíù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èló ni sitíkà?"

Wàsíù sọ ọ́. Ọ̀gá kà á láti inú àpò rẹ̀, ó sì fi owó ọ̀kadà lé e. Fóònù rẹ̀ dún níbi tí wọ́n dúró sí: oníbàárà kan ni, tí ó fẹ́ ṣe bánà ìsọmọlórúkọ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ó sì fẹ́ pe àwọn orúkọ náà fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní kí ó dákun ní sùúrù díẹ̀, ó na fóònù náà sí Wàsíù.

"Gbà, kọ ọ́ sílẹ̀. Ní kí wọ́n pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ náà sì kà á padà fún wọn."

Wàsíù wá bírò nínú àpò rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn bébà sitíkà náà síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.