Ọ̀rọ̀ tírénà níjọ́ tí kíláàsì wáyà ilé gba sátífíkéètì

Ẹ káàsán o gbogbo ilé. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wá wo bàbá tàbí ìyá yín, ẹ kú ìjókòó o. Mi ò ní pẹ́ rárá, torí mo ti rí i pé àtàárọ̀ lojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò ti kúrò lára àwọn páálí tó wà lórí tábìlì yìí.

Ọ̀sẹ̀ 12 la fi ṣe é. Àwọn 14 la bẹ̀rẹ̀, àwọn 11 ló jókòó síbí lónìí. Méjì nínú àwọn tó kù ríṣẹ́ míì, ẹnìkan ṣàìsàn, èmi fúnra mi sì ti ní kó bá kíláàsì tó ń bọ̀ wọlé, àyè ẹ̀ ṣì wà.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ẹ rò pé iná lẹ máa tàn lọ́jọ́ náà, èmi wá gbé wáyà lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ máa bó o, ojú yín le bí òkúta. Ẹnìkan wà níbí, mi ò ní dárúkọ, ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó fi ọ̀bẹ bó wáyà títí tó fi ha bàbà inú ẹ̀, ó ní ọ̀gá ṣebí ó ṣì gbé iná. Ó gbé iná lóòótọ́, àmọ́ ojú ibi tó ha yẹn ló máa ṣẹ́ sí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri bò ó tán. Síkúrù tí kò fún náà ńkọ́? Kì í pariwo, á kàn máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí rọ́bà á fi dúdú, onílé á wá máa béèrè pé ta ló ń jó nǹkan.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mi ò tíì sọ ní kíláàsì. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, èmi àti ẹnìkan jọ ń ṣiṣẹ́, mo wà lórí àkàbà, mo bi í pé ṣé o ti pa bírékà, ó ní mo ti pa á. Kò parọ́ o, ó pa bírékà lóòótọ́, àmọ́ ti yàrá kejì ló pa. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ọjọ́ méjì ni ọwọ́ yìí ò fi gbé síbí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí tẹ́sítà: ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé iná wà, ẹ wá fi kan wáyà tẹ́ ẹ fẹ́ mú, kẹ́ ẹ tún padà fi kan ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà yẹn ò kú láàárín méjì. Ẹ pè mí ní ọ̀gá ẹlẹ́ẹ̀mẹta, mo gbọ́, inú mi ò bàjẹ́ rárá.

Níbi ìdánwò, mo yí láìfù àti níútírà sọ́kẹ́ẹ̀tì kan padà láì sọ fún yín. Gílóòbù tàn níbẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tó fẹ́ mú ẹnikẹ́ni fura. Àwọn 7 ló rí i. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i sì ni ẹni tó lọ́ra jù nínú yín, torí kò fi iná tó tàn ṣe ẹ̀rí, ó fi tẹ́sítà kan gbogbo ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọ sẹ́yìn lọ rẹ́rìn-ín ni o.

Ẹ ṣì máa pàdé kọ́sítọ́mà tó máa sọ pé fíúùsì yìí ti ń já jù, ẹ bá mi fi èyí tó tóbi sí i. Ẹ má gbà! Fíúùsì tó ń já ń sọ̀rọ̀ ni, ẹ lọ wo ohun tó ń fà á. Tẹ́ ẹ bá fi ńlá sórí wáyà 1.5 tí wọ́n fi fa iná gílóòbù, wáyà yẹn gan-an ló máa di fíúùsì, inú ògiri ló sì máa ti jó. Tó bá bínú, kó bínú.

Ẹ béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ṣiṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wà lábẹ́ ẹni tó ní láísẹ́ńsì. Nọ́ńbà mi ò yí padà. Tí nǹkan bá rú yín lójú, ẹ pa iná, ẹ pè mí, kódà tó bá jẹ́ òru, mo lè kùn díẹ̀ àmọ́ màá gbé e.

Ó yá, ẹni tó lọ́ra yẹn ni kó kọ́kọ́ jáde wá. Bíírò rèé, ẹ kọ orúkọ yín síwájú nọ́ńbà 1, kẹ́ ẹ tó gba páálí yín.