Àṣẹ láti pe púlọ́mbà sí ilé Bódìjà lálẹ́ yìí: owó kò gbọdọ̀ kọjá ₦180,000, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọdọ̀ ní rìsíìtì

Sí: Bàbá Àkàndé
Ẹ̀dà: Bàbá Hàlímà (lókè), Ìyá Tòmíwá (nísàlẹ̀), Bàbá Dámi
Sátidé, 25 oṣù Ọ̀wàrà 2025, aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀

Bàbá Àkàndé,

Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ sì kú wàhálà omi yìí. Ohun tí a jọ sọ lórí fóònù ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, kí ó lè wà lọ́wọ́ yín, kí Wàsíù púlọ́mbà náà sì lè kà á fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo fún yín láṣẹ kí ẹ pe púlọ́mbà wá sí ilé Bódìjà lálẹ́ yìí, tàbí ní kùtùkùtù ọ̀la bí ilẹ̀ bá ti ṣú jù, kó wá ibi tí omi ti ń jò sínú kíṣìnnì Ìyá Tòmíwá, kó sì tún un ṣe. Gbogbo owó tó bá máa bá iṣẹ́ náà lọ, ẹrù, owó iṣẹ́, owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kò gbọdọ̀ kọjá ₦180,000. Bí kò bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró dè mí, ẹ má sì pè mí kí n tó ní ẹ máa ṣe é. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, n óò wọlé ní aago mọ́kànlá, fóònù mi á sì wà nínú lọ́kà títí di aago méje àárọ̀. Ẹ rántí pé òru òní ni wọ́n ń dá aago padà ní wákàtí kan níbí. Látàárọ̀ ọ̀la, bó bá di méje lọ́dọ̀ mi, mẹ́jọ ti lù lọ́dọ̀ yín.

Kí Wàsíù tó dé, ọ̀rọ̀ iná ló ń bà mí lẹ́rù ju omi lọ. Ìyá Tòmíwá sọ pé omi ti ń ṣàn bọ̀ lára ògiri tí mítà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná fúláàtì náà pátápátá láti orí ṣéńjóófà, kí ẹni tó máa pa á nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, kó wọ bàtà, kó má sì dúró nínú omi. Bí omi bá ti dé orí ṣéńjóófà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ pe onínáa yín. Kí wọ́n gbé sílíńdà gáàsì àti fíríìjì kúrò lábẹ́ ibi tí sílíǹ ti wú yẹn. Omi tó bá dúró lórí POP máa ń wúwo, ó sì lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn ọmọ má sùn sí yàrá tó bá kíṣìnnì náà lo ògiri kan náà.

Nípa ibi tí omi ti ń jò, ẹ ṣe nǹkan kan tó ràn wá lọ́wọ́ gan-an nígbà tí ẹ ti fáàfù tó wà lábẹ́ táǹkì. Ẹ ní kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí jíjò náà fi dínkù, bẹ́ẹ̀ Bàbá Hàlímà ní àwọn ò lo omi kankan lókè látìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Bó bá jẹ́ páìpù tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá ni, ìgbà tí ẹnìkan bá ń wẹ̀ tàbí tó bá da omi nù nìkan ni ì bá máa jò. Páìpù tó ń gbé omi bọ̀ láti táǹkì ló bẹ́. Ẹ sọ èyí fún Wàsíù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ táìsì kiri. Ibi tí mo fura sí jù ni ẹ̀yìn ògiri balùwẹ̀ òkè, níbi tí páìpù funfun àtijọ́ ti pàdé páìpù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi sí i nígbà tí a tún balùwẹ̀ yẹn ṣe ní 2019. PVC ni ti àtijọ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. PPR ni ti tuntun, iná ni wọ́n fi ń jó o pọ̀, gọ́ọ̀mù kankan kì í mú un. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì onítẹ́ẹ̀dì ló so àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Bí Wàsíù ò bá ráyè wá, tí ẹ sì fẹ́ mú ẹlòmíì, ẹ bi í bóyá ó ní ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó PPR. Ẹni tó bá ní òun á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà láti ẹnu géètì.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Nínú ₦180,000 yẹn, kí ẹrù má kọjá ₦110,000. Owó iṣẹ́ Wàsíù àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ₦45,000 ni òpin rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó máa fi òru àti Sọ́ńdè bẹ̀bẹ̀, mo ti ro ìyẹn mọ́ ọn. ₦15,000 wà fún sìmẹ́ńtì àti ẹni tó máa dí ihò tí wọ́n bá lu. ₦10,000 tó kù wà fún ọkọ̀, àti epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ máa fi fa omi bóòhóòlù fún àwọn ayálégbé nígbà tí táǹkì bá ṣì wà ní títì. Bí ẹrù bá dínkù, ìyókù kì í ṣe ti owó iṣẹ́ o. Ó máa padà sọ́dọ̀ mi ni.

Mo ti fi ₦80,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín báyìí, ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì yín. Ìyẹn wà fún ẹrù. Ìyókù owó ẹrù á wọlé bí mo bá ti rí rìsíìtì àkọ́kọ́. Owó iṣẹ́ Wàsíù, n óò fi ìdajì ránṣẹ́ sí òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí jíjò náà bá dáwọ́ dúró, n óò sì san ìdajì kejì lẹ́yìn àyẹ̀wò tí mo kọ sísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣí ògiri tí wọ́n rí i pé ₦180,000 kò ní tó, kí iṣẹ́ dúró síbẹ̀. Kí wọ́n dí ẹnu páìpù náà, kí fáàfù wà ní títì, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì pe ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Dámi. Bí ẹ ò bá rí mi, ó láṣẹ láti fi ₦40,000 kún un. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí Wọ́sáàpù láti ọwọ́ rẹ̀ ti tó, àmọ́ kó jẹ́ kíkọ, kì í ṣe ìpè nìkan. Ohun tó bá kọjá ìyẹn á dúró dè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á máa gbé omi ní kórobá. Owó tí ẹnikẹ́ni bá ná kọjá òpin láìjẹ́ pé èmi tàbí ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní san án padà. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí, sà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Rìsíìtì ńkọ́? Nígbà tí a ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ́jọ́sí, ìwé tí ẹni tó ṣe é mú wá kò ju ìlà kan lọ: «ẹrù púlọ́mbà, ₦95,000». Títí dòní, mi ò mọ ohun tí wọ́n rà. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà fóònù wọn àti ọjọ́ wà lórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ ohun kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó, iye tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n tà á: páìpù, ẹ́búù, tíì, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, títí dórí téèpù ẹ̀yọ kan. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Bó jẹ́ bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, kò burú. Rìsíìtì òfìfo tí wọ́n máa ń fún púlọ́mbà láti lọ kọ fúnra rẹ̀, mi ò ní gbà á, mo sì máa pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì tàbí bébà POS kì í ṣe rìsíìtì. Ó lè sọ pé owó ti lọ, kò lè sọ ohun tó rà. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kó ojúlówó rẹ̀ sínú àpòòwé fún Bàbá Dámi.

Ọ̀kadà àti màrúwà kì í já rìsíìtì, mo mọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé kan, ibi tí ẹ lọ àti iye tí ẹ san, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ní ti owó iṣẹ́, kí Wàsíù kọ orúkọ rẹ̀, iye tó gbà àti iṣẹ́ tó ṣe, kó buwọ́ lù ú. Ẹ tún ní kó má sọ páìpù tó bẹ́ àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá yọ nù. Mo fẹ́ rí wọn nínú fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì.

Ọ̀la Sọ́ńdè ni, ṣọ́ọ̀bù tó ṣí lè má pọ̀. Kí wọ́n ra kìkì ohun tó máa dá omi dúró nítòsí. Bí ó bá ku ohun tó lè dúró, kí ẹ lọ Ògùnpa lọ́jọ́ Ajé.

Àṣẹ yìí kò kan pípààrọ̀ gbogbo páìpù ilé, kò kan táǹkì tuntun, kò sì kan títún sílíǹ Ìyá Tòmíwá ṣe. Ìyá Tòmíwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Sílíǹ náà gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí omi bà jẹ́, a ó sọ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ má yọ owó kankan kúrò nínú owó ilé, ẹ má sì fi owó ara yín san Wàsíù. Bàbá Hàlímà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà wọ́n láàyè nínú balùwẹ̀ yín, kódà bó bá jẹ́ òru, kí Ìyá Hàlímà sì kó ohun tó bá níye lórí kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá parí, tó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù wà níbi kankan, kí omi má dé ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí wọ́n má dí ògiri. Ní alẹ́ ọ̀la, ẹ fa omi kún táǹkì, ẹ ṣí fáàfù, kí gbogbo ayálégbé ti ẹ̀rọ omi wọn. Ẹ ti igi gígùn bọ inú táǹkì dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Kí ẹ tún un wọ̀n ní aago márùn-ún àárọ̀ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀. Bí omi kò bá wálẹ̀, tí ògiri sì gbẹ, ẹ fi fọ́tò igi náà ránṣẹ́, n óò san ìyókù owó Wàsíù, kí wọ́n wá dí ihò. Bó bá wálẹ̀, ẹ tún ti fáàfù, kí Wàsíù padà wá láìgba owó iṣẹ́ míì.

Àṣẹ yìí á parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Ọ̀wàrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé ẹ ti rí i kí n tó wọ ibi iṣẹ́, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá Wàsíù ti gbé fóònù.

Ẹ ṣeun sà. Ẹ bá mi kí Ìyá.

Àdùnní