Ìbéèrè Orí Àyọkà Ìwé Àdéhùn Èkó, 1861

Ìtàn, SS2, Ìbàdàn. Máàkì 30. Ìṣẹ́jú 70.

ÌWÉ KÌN-ÍN-NÍ (ìṣẹ́jú 30, máàkì 14)

Ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó mú bíírò. Inú àyọkà nìkan ni ìdáhùn ìbéèrè 1 sí 4 wà. Bí ẹ bá ń tọ́ka sí i, ẹ kọ lẹ́tà ìpín tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1861 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn yìí ní Èkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwa olùkọ́ la túmọ̀ rẹ̀ fún kíláàsì yìí. Àmì … fi hàn pé a fo ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

A. "Kí Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè túbọ̀ ráyè ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́, kí ó gbèjà wọn, kí ó sì dáàbò bò wọ́n, kí òwò ẹrú lè dópin níhìn-ín àti ní àwọn ilẹ̀ tó yí wa ká, kí ogun apanirun tí Dàhómì àti àwọn mìíràn ń jà lemọ́lemọ́ láti kó ẹrú lè dáwọ́ dúró, èmi, Dòsùnmú, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ mi, fi èbúté àti erékùṣù Èkó, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́, èrè àti ilẹ̀ tó jẹ mọ́ ọn, fún Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àrólé rẹ̀ àti àwọn tó bá jọba lẹ́yìn rẹ̀, títí láé …"

B. "A ó gba Dòsùnmú láàyè láti máa lo orúkọ oyè Ọba bí wọ́n ti máa ń lò ó ní Áfíríkà. A ó sì gbà á láàyè láti máa parí aáwọ̀ láàárín àwọn ọmọ Èkó, bí àwọn fúnra wọn bá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì."

D. "Bí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ sí i …"

E. "Nítorí ohun tó fi sílẹ̀ yìí, àwọn aṣojú Ọbabìnrin ṣèlérí, bí Ọbabìnrin bá fọwọ́ sí i, pé Dòsùnmú yóò máa gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọọdún, tí yóò bá iye tó ń kù sí i lọ́wọ́ lọ́dún tẹ́lẹ̀ dọ́gba …"

1. Ta ló fi Èkó sílẹ̀, ta ni wọ́n sì fi í fún? (máàkì 2)

2. Ìpín A sọ ìdí mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe àdéhùn yìí. Ẹ kọ wọ́n ní ọ̀rọ̀ ara yín. (máàkì 3)

3. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ méjì tí ìpín B àti D fi sílẹ̀ fún Dòsùnmú láti máa ṣe. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ ṣàlàyé ohun tó dín agbára rẹ̀ kù níbẹ̀. (máàkì 4)

4. Ní ìpín A, "èmi, Dòsùnmú" ló ń sọ̀rọ̀. Ní ìpín B, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ nípa Dòsùnmú. Kí ni ìyípadà yìí jẹ́ kí a fura sí nípa ẹni tó kọ ìwé náà? Ẹ fa ọ̀rọ̀ kan yọ láti ìpín kọ̀ọ̀kan. (máàkì 5)

ÌWÉ KEJÌ (ìṣẹ́jú 40, máàkì 16)

Àyọkà wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Ẹ fi àwọn ọjọ́ yìí kún un:

Oṣù Díṣẹ́ńbà 1851: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè.
1853: Akíntóyè wàjà, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba.
22 oṣù Júùnù 1861: Lord John Russell, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé ìjọba ti pinnu láti gba Èkó. Ó ní yóò pa òwò ẹrú run, yóò ran òwò tó bófin mu lọ́wọ́, yóò sì ká Dàhómì lọ́wọ́ kò.
6 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1861: wọ́n tọwọ́ bọ ìwé. McCoskry, adelé kọ́ńsùlù, àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, ló tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì.
Oṣù Ògọ́ọ̀sì kan náà: Dòsùnmú kọ̀wé sí Ọbabìnrin pé wọ́n halẹ̀ láti yìnbọn lu ìlú bí òun kò bá tọwọ́ bọ ìwé.
Oṣù Fẹ́búárì 1862: wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì náà sí 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. Bí ó bá rú àdéhùn, yóò pàdánù rẹ̀.
1921: Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun, dájọ́, nínú ẹjọ́ Olóyè Olúwa ti Èkó, pé àdéhùn 1861 kò gba ẹ̀tọ́ ìdílé àti ẹbí lórí ilẹ̀ wọn.

5. "Pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ mi" (ìpín A). Báwo ni a ṣe lè gbára lé gbólóhùn yìí tó, bí ẹ̀rí pé Dòsùnmú fínnú-fíndọ̀ fi Èkó sílẹ̀? Ẹ lo ọjọ́ méjì ó kéré tán. (máàkì 6)

6. "Agbára ìṣàkóso ni Dòsùnmú fi sílẹ̀ ní 1861, kì í ṣe ilẹ̀ oníkálùkù." Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Ẹ lo ìpín mẹ́ta nínú àyọkà àti ọjọ́ méjì. Ẹ sọ ẹ̀rí kan tó tako èrò yín, kí ẹ sì dá a lóhùn. (máàkì 10)

FÚN OLÙKỌ́ NÌKAN

Ẹ má ṣe pín ìwé kejì kí ẹ tó gba ìdáhùn ìbéèrè 1 sí 4. Bí ọmọ bá ti rí ìhàlẹ̀ tó wà nínú àwọn ọjọ́ náà, kò ní wo àyọkà mọ́ fún ìbéèrè 4. Yóò kàn kọ pé "wọ́n fipá mú un", ìwádìí tó yẹ kó fojú ara rẹ̀ ṣe yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí àkókò bá fẹ́ tán, tí ẹ fẹ́ gé àyọkà, ẹ lè yọ "àwọn àrólé rẹ̀". Ẹ má ṣe fọwọ́ kan "bí Ọbabìnrin bá fọwọ́ sí i" ní ìpín E. Ohun tí Dòsùnmú fi sílẹ̀ ti di ti Ọbabìnrin lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí yóò gbà ṣì ń dúró de àṣẹ. Ọmọ tó bá rí i yóò ní ohun gidi láti sọ ní ìbéèrè 5.

Ìbéèrè 1 àti 2 kò nílò àlàyé. Ní ìbéèrè 3, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1, àlàyé ní 2. Orúkọ oyè lásán kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ má ṣe fún un ní máàkì.

Ìbéèrè 4 ló máa ń já wọn kulẹ̀, nítorí ohun tí ìwé sọ ni a ti kọ́ wọn láti máa wá, a kò kọ́ wọn láti wo ẹnu tó ń sọ ọ́. Fún ẹni tó bá fa ọ̀rọ̀ yọ láti ìpín méjèèjì ní máàkì 2. Fún un ní 3 tó kù bí ó bá ṣàlàyé pé "a ó gba Dòsùnmú láàyè" jẹ́ ohùn ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó jọ pé àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, títí kan ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnu Dòsùnmú sọ̀rọ̀. "Nítorí pé ọba ni" kò gba nǹkan kan.

Ní ìbéèrè 5, lẹ́tà oṣù Júùnù ló lágbára jù: wọ́n ti pinnu ní Lọ́ńdọ̀nù ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ṣáájú ìtọwọ́bọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ẹ̀sùn Dòsùnmú gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Òun náà ní ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì yẹ kí ọmọ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìbéèrè 6, a kò wá "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ọmọ lè gbà, kó lo ìpín D, tó ṣì ka ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú sí, pẹ̀lú ìdájọ́ 1921. Ó lè kọ̀, kó tọ́ka sí "gbogbo ẹ̀tọ́, èrè àti ilẹ̀" ní ìpín A, kó ní ọgọ́ta ọdún kọjá kí ìdájọ́ náà tó dé. Èyí tó tún àyọkà sọ lásán, 1 sí 3. Èyí tó fi ẹ̀rí gbe èrò kan ṣoṣo, 4 sí 6. Èyí tó mú ẹ̀rí tó tako ara rẹ̀ wá, tó sì dá a lóhùn, 7 sí 10.

Ẹ máa ṣọ́ àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ níbí: "ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Yorùbá." Èbúté àti erékùṣù Èkó ni ìpín A dárúkọ. Ìbàdàn kò tọwọ́ bọ àdéhùn tirẹ̀ títí di ọjọ́ 15 oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1893. Ẹ fi ọ̀pá wọn Èkó sí Ìbàdàn lórí àwòrán ilẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.