Ẹ jọ̀ọ́ Ọ̀gá, ẹ bá mi tún ìbéèrè 3 wò (fọ́múlà tí ẹ ní ká dín kù)

Ọ̀gá mi, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà gbogbo wa. Mo gbọ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣábẹ̀ẹ́ dé, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn ojú ọ̀nà, mo lérò pé ẹ bá àwọn ará ilé láyọ̀.

Àfúsátù ni mo jẹ́, ọdún kejì, ẹgbẹ́ B. Èmi ni ọmọ Kétu tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí 11 fi máa ń ṣáájú 10 lórí àtẹ Karnaugh, tí ẹ wá dúró ṣàlàyé ẹ̀ fún wa títí agogo fi lù. Ẹ ti sọ fún wa pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó kọ ọ́ ní èdè tó bá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè 3 inú ìdánwò tá a ṣe lọ́jọ́sí ni. Póìntì 8 ló wà lórí ẹ̀, 2,5 ni mo rí gbà. Ọjọ́ Tuesday tí wọ́n ní ká wá wo kọ́pì wa ni mo rí i, mo sì dúró ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kọ̀wé yìí torí mi ò fẹ́ fi ìbínú kọ ọ́, mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ dájú bóyá èmi ni mo ṣì í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ṣì í lóòótọ́. Ní apá (b), níbi tá a ti fẹ́ kún àtẹ náà, 00, 01, 10, 11 ni mo kọ́kọ́ to òkè ẹ̀, mo wá fa igi lé e, mo tún òmíì yà sí ìsàlẹ̀, ojú ìwé yẹn sì rí rúdurùdu. Wọ́n yọ 0,5 níbẹ̀, ó tọ́ sí mi, mi ò béèrè ìyẹn padà rárá. Apá (a) pé, 1,5 lórí 1,5.

Apá (c) àti (d) ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi fojú kàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Odo ni wọ́n fún mi ní méjèèjì, póìntì 5 ló lọ síbẹ̀. Ní (c), ìbéèrè náà ní ká kọ F ní àròpọ̀ ìlọ́po tó kéré jù lọ. Ohun tí mo kọ rèé, àti ohun tó wà lórí ìwé ìdáhùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri:

```
Temi:          F = A'C' + B'C + AB
Ti orí ògiri:  F = A'B' + AC + BC'
```

Wọ́n fi bíkì pupa fa igi gbọọrọ lé temi, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kò bá ìdáhùn mu. Ọ̀gá, òótọ́ ni pé kò bá a mu tá a bá fojú wò ó, kò sí ìdìpọ̀ kan ṣoṣo tí méjèèjì jọ ní. Àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo gbé àtẹ òtítọ́ síwájú, tí mo ń fi nọ́ńbà sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bó ṣe jáde nìyí:

```
A B C | F | temi | ògiri
0 0 0 | 1 |  1   |  1
0 0 1 | 1 |  1   |  1
0 1 0 | 1 |  1   |  1
0 1 1 | 0 |  0   |  0
1 0 0 | 0 |  0   |  0
1 0 1 | 1 |  1   |  1
1 1 0 | 1 |  1   |  1
1 1 1 | 1 |  1   |  1
```

Ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bára mu. Mo wá ní ó dáa, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ìdáhùn mi àmọ́ kì í ṣe èyí tó kéré jù, torí ohun tí ẹ béèrè nìyẹn, kì í ṣe èyí tó tọ́ lásán. Mo bá kà wọ́n. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ló wà nínú temi, mẹ́ta ló wà nínú ti ògiri. Lẹ́tà mẹ́fà níbí, lẹ́tà mẹ́fà lọ́hùn-ún. Mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti fi kéré ju èkejì.

Ohun tí mo rò pé ó fa á ni bí mo ṣe ya àtẹ náà. Ẹ wò ó:

```
        BC
       00 01 11 10
A=0     1  1  0  1
A=1     0  1  1  1
```

Èmi so 1 tó wà ní igun òsì lókè pọ̀ mọ́ 1 tó wà ní igun ọ̀tún lókè, torí ẹ kọ́ wa pé etí àtẹ náà fẹnu kora, bí ẹni ká ẹní tí etí méjèèjì wá pàdé. A'C' nìyẹn. Mo wá ya ìlàjì róbótó sí igun kan àti ìlàjì sí igun kejì, bẹ́ẹ̀ bíkì mi ti ń gbẹ lọ nígbà yẹn, ìlàjì ti apá ọ̀tún ò hàn dáadáa. Ẹni tó bá ń yára wò ó lè rò pé 1 kan ṣoṣo ni mo dá yà sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ti orí ògiri ò ní ìdìpọ̀ kankan tó gba etí kọjá, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rọrùn fún ojú. Mo mọ̀ pé kọ́pì pọ̀ gan-an, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín wò wọ́n náà á ti rẹ̀, mi ò fi ẹ̀sùn kan ẹnì kankan o.

Mi ò wá fẹ́ kó jẹ́ pé àtẹ nìkan ni mo gbọ́kàn lé, torí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé Karnaugh gbé e jáde ní 1953 kí ojú lè tètè rí nǹkan ni, pé tí ẹ̀rí bá di dandan ká lọ bá ọ̀nà Quine àti McCluskey. Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Wednesday. Ìdìpọ̀ mẹ́fà tí kò ṣeé fẹ̀ mọ́ ló jáde, mo fún wọn lórúkọ:

```
P = A'B'   Q = A'C'   R = B'C
S = BC'    T = AC     U = AB
```

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sí ọ̀kan tó jẹ́ dandan. Gbogbo ìlà tó mú 1 wá, ìdìpọ̀ méjì ló bò ó, kì í ṣe ọ̀kan. Ìlà 000, P bò ó, Q náà bò ó. Ìlà 101, R àti T. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe yí po bí ọmọdé tó di ọwọ́ ara wọn mú nínú eré òṣùpá, ibi tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ ibi tó o máa parí sí. Mo wá lo ọ̀nà Petrick ti 1956 tí ẹ fi hàn wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, torí òun ló máa ń kó gbogbo ọ̀nà tó wà jáde láìfi ọ̀kan pamọ́:

```
(P+Q)(P+R)(Q+S)(R+T)(S+U)(T+U)
= PST + QRU + PRSU + PQTU + QRST
```

Ọ̀nà márùn-ún ló jáde, mẹ́ta nínú wọn ní ìdìpọ̀ mẹ́rin mẹ́rin, àwọn yẹn ti gùn jù. Méjì tó kù ni onímẹ́ta, PST àti QRU. PST ni ti ara ògiri. QRU ni temi. Ìdáhùn méjì ni ìbéèrè yẹn ní, Ọ̀gá, àwọn méjèèjì ló sì kéré jù lọ.

Ní ti (d), wọ́n ò wo sákíìtì mi rárá. Wọ́n kàn kọ 0 sí i torí pé orí (c) ló dúró lé. NAND nìkan ni ẹ ní ká lò, NAND nìkan náà ni mo lò: mẹ́ta láti yí A, B àti C padà, mẹ́ta fún àwọn ìdìpọ̀, ọ̀kan tó ní ẹnu mẹ́ta láti kó wọn jọ, méje ni gbogbo ẹ̀. Ti orí ògiri náà, méje ni.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàṣejù, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi rí i lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tún rédíò ṣe ní Wàndó, ní ọ̀sán àná mo gun zẹ́mì lọ bá a, ó fún mi ní 7400 méjì àti 7410 kan tó tú lára ẹ̀rọ àtijọ́, a kàn wọ́n mọ́ pátákó oníhò, a fi iná pupa kékeré kan sí ẹnu F. Mò ń pe nọ́ńbà, òun ń gbé wáyà síbi tó yẹ. Iná tàn ní 000, ó tàn ní 001, ó tàn ní 010, a dé 011 ó kú pátápátá, 100 náà ó kú, a dé 101 ó tún tàn, kò sì kú mọ́ títí dé 111. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ Karnaugh, òun náà ṣì pàtẹ́wọ́. Mo ya fọ́tò ìlà kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n mọ́ méèlì yìí, pẹ̀lú fọ́tò ojú ìwé kẹrin kọ́pì mi tí wọ́n gbà wá láàyè láti yà.

Ohun tí mò ń tọrọ ò ju pé kí ẹ̀yin fúnra yín wo (c) àti (d) lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó tẹ́ ẹ rí i pé nǹkan kan wà tí ojú mi ò tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ fún mi, mo máa gbà á, mo ṣì máa dúpẹ́ torí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tó bá sì tọ́, ẹ bá mi tún un ṣe kí wọ́n tó kó orúkọ lọ síwájú ìgbìmọ̀. 7,5 ni mo ní lórí 20 báyìí, mi ò fi ìyẹn bẹ̀ yín láti ṣàánú mi, mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ọ́n ni, torí pẹ̀lú 7,5 màá tún ìdánwò yìí ṣe lọ́jọ́ tó yẹ kí n wà ní Kétu lọ́dọ̀ ìyá mi tí ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Ohun kan tó kù: nígbà tá à ń wo kọ́pì, mo rí àwọn méjì míì nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n kọ A'C' + B'C + AB bíi tèmi, odo ni wọ́n fún àwọn náà. Wọn ò rán mi níṣẹ́, mi ò sì ní í dárúkọ wọn láìgbàṣẹ, àmọ́ kò ní dáa kí n rí i kí n dákẹ́.

Mo máa wà ní ilé ìwé ní Tuesday láti agogo mẹ́jọ títí di ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ní kí n wá, màá gbé pátákó náà dání, iná pupa náà ṣì wà lórí ẹ̀.

Ẹ ṣeun gan-an, Ọ̀gá. Ẹ bá mi kí màmá nílé.

Ọmọ yín,
Àfúsátù
Ọdún kejì, ẹgbẹ́ B, Àjàṣẹ́