Ìbéèrè wa lórí dìsáìnì ìdúró táǹkì omi

Ẹ̀yin tíìmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹ tó wá ṣàlàyé ní Tọ́sìdeè, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò ná.

Ẹ ní ìdúró yìí lè gba ìlọ́po 1.5 ẹrù ẹ̀. Ìlọ́po 1.5 kí ni gan-an? Ṣé ibi tí irin ti máa tẹ̀ tí kò ní padà mọ́ ni àbí ibi tó ti máa já? Lítà 10,000 omi, tọ́ọ̀nù 10 nìyẹn, ṣé ẹ ka táǹkì fúnra ẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ yọ irin ìdábùú àárín kí owó lè dín, ó yé mi, ṣùgbọ́n tí ibi tí nǹkan ò ti di ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín mú bá gùn ní ìlọ́po méjì, ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́ máa já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣé lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ ṣírò 1.5 yẹn àbí ti tẹ́lẹ̀ lẹ gbé wá? Kílò irin mélòó lẹ tiẹ̀ rí dín?

Tí táǹkì bá ṣófo tí ìjì dé ńkọ́? Kò sí ìwúwo tó máa dì í mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, bóòtù ìdí ẹsẹ̀ ló máa jìyà, ẹ fi ìṣirò ẹ̀ hàn wá.

Tí ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ kan bá rì, ẹsẹ̀ wo ló máa gba ẹrù ẹ̀? Ojú ibi tẹ́ ẹ jó pọ̀, tó bá ń dógùn-ún láti inú, báwo la ṣe máa mọ̀? Èwo ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, ṣó máa kìlọ̀ àbí ó kàn máa wó ni? Ẹ má sọ pé kò lè bàjẹ́ o.