Níbo ni májèlé inú àgbàdo ń gbà lọ nígbà tí a bá ń ṣe ògì?

Ìwé èrò ìwádìí olójú ewé méjì, fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́
Ibi iṣẹ́: Ìbàdàn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Àsìkò: Oṣù Keje 2026 sí Oṣù Kejìlá 2027
Owó tí a ń béèrè: ₦24,800,000

Ohun tó ń kọ wá lóminú

Nílẹ̀ Yorùbá, ògì ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó ń kan ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́yìn ọmú. Bí àgbàdo tí wọ́n fi ṣe é bá ti bu, afilatọ́sìnì lè wà nínú rẹ̀. Májèlé yìí, olú kéékèèké tó ń hù sára àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa ló ń pèsè rẹ̀. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, sísè kì í sì í pa á. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà: ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu náà sì ń di ìlọ́po-ìlọ́po lára ẹni tó bá ti ní àrùn mẹ́dọ̀wú B tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 2004, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ènìyàn 317 ló ṣàìsàn nítorí àgbàdo tó bu, 125 nínú wọn sì kú. Ìyẹn ni tòjijì. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni tí díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Benin àti Tógò, tó jáde lọ́dún 2002, yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 tí kò ju ọdún 5 lọ wò, ó sì rí àmì afilatọ́sìnì nínú ti ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú pátápátá ní ín lára ju àwọn tó ṣì ń mu ọmú lọ, ọmọ tí kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀ sì ní ín ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí afilatọ́sìnì B1 inú oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ju máíkírógíráàmù 0.1 lọ nínú kílógíráàmù kan. Ògì tí ìyá ọlọ́mọ ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ìbéèrè wa

Ṣíṣe ògì fúnra rẹ̀ lè dín májèlé yìí kù. Wọ́n á ṣa àgbàdo, wọ́n á rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, èérí á yà, ògì á sì tòrò sílẹ̀ lábẹ́ omidùn. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lọ àgbàdo nínú omi, ìmọ̀ ti fi hàn pé inú omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ àti inú èèpo ni púpọ̀ nínú afilatọ́sìnì ń lọ, díẹ̀ ló ń kù sínú ìyẹ̀fun funfun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú agbada àti aṣọ ìsẹ́gì ìyá ológì ní Bódìjà, ìròyìn ayọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ tán pátápátá. Nílé iṣẹ́ ńlá, èèpo àti omi ní ibi tí wọ́n ń gbà lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ewúrẹ́, àgùntàn àti adìyẹ ló ń jẹ èérí, omidùn sì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń se àgbo. A rí èyí nígbà tí a ń múra ìwé yìí sílẹ̀, nílé ẹ̀rọ kan ní Òjóò: ìyá kan ń ṣa àgbàdo rẹ̀ fínnífínní, ó ń ju hóró dúdú àti èyí tí kòkòrò ti lu sínú igbá kékeré kan. A bi í léèrè ibi tí ti inú igbá ń lọ. “Adìyẹ mi ni,” ó ní, “èmi kì í fi nǹkan ṣòfò.” Omidùn rẹ̀, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ti wá gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ dè é.

Nítorí náà, ohun méjì la fẹ́ mọ̀. Nínú afilatọ́sìnì tó bá àgbàdo wọlé, mélòó ló kù sínú ògì, mélòó ló bá èérí lọ, mélòó ló bá omi lọ? Bí ìyá ológì bá fi ìgbésẹ̀ kan tí kò ná an lówó kún iṣẹ́ rẹ̀, ṣé ti inú ògì á dín kù sí i?

Ohun tí a ó ṣe

Ológì 40 la ó bá ṣiṣẹ́, ní Bódìjà, Òjóò àti Ọjà Ọba. Lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó gba nǹkan mẹ́fà: àgbàdo kí wọ́n tó ṣà á, àgbàdo lẹ́yìn ṣíṣà, omi ìrẹgbàdo, èérí, omidùn àti ògì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó gbà wọ́n, ìyẹn 720 lápapọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ni Oṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án 2026, nígbà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ ń wọlé láti Òkè-Ògùn, tí òjò kì í jẹ́ kó gbẹ. Ìkejì ni Oṣù Kìíní àti Ìkejì 2027, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ìgbà kẹta, tó bọ́ sí àsìkò òjò 2027, a ó fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ogún á ṣe ògì bí wọ́n ti ń ṣe é. Ogún yòókù á da àgbàdo sínú omi, wọ́n á kó gbogbo èyí tó bá léfòó dànù, nítorí hóró tó ti bu máa ń fúyẹ́. Wọ́n á sì pààrọ̀ omi ìrẹgbàdo lójoojúmọ́.

IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn yìí kan náà, ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí Aflasafe, ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kí olú tó ń pèsè májèlé yìí má bàa ráyè. Iṣẹ́ oko nìyẹn, a sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìdáàbòbò ti bẹ̀rẹ̀. Ológì kò mọ oko tí àpò àgbàdo tó rà ti wá. Ìdí nìyẹn tí a fi gbájú mọ́ ohun tó wà níkàáwọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí a yọ sílẹ̀

Ìwé ìwádìí wa kíkún jẹ́ ojú ewé 34. Ó ní ìpele kejì, níbi tí a ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. A kò béèrè owó rẹ̀ níhìn-ín. Kò tọ́ kí á gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ kí á tó mọ̀ bóyá májèlé wà nínú ògì tó ń mu.

Ewu tó wà níbẹ̀

Bí ọjà bá gbọ́ pé “májèlé wà nínú ògì”, àwọn obìnrin yìí ni yóò kọ́kọ́ jìyà. A kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ìsọ̀ rẹ̀ sínú àbájáde. Ìyálọ́jà kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ológì ni a ó sì kọ́kọ́ jábọ̀ fún, lédè Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni míì tó gbọ́. Iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà ìwádìí tó fọwọ́ sí i.

Àwa àti owó náà

Àwa mẹ́ta ni: onímọ̀ oúnjẹ kan, onímọ̀ nípa olú inú ọkà kan, àti nọ́ọ̀sì ìlera ìdílé tó ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú ọmọdé. Àyẹ̀wò 720 ní ₦15,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦10,800,000. Owó oṣù olùrànlọ́wọ́ méjì jẹ́ ₦5,400,000, ọkọ̀ àti iṣẹ́ inú ọjà ₦4,200,000, owó ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ológì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ₦2,400,000, ìṣàkóso ₦2,000,000.

Ní ìparí oṣù 18, ẹ ó gba ìwọ̀n afilatọ́sìnì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn lórí bóyá dída èyí tó léfòó nù ń ṣiṣẹ́, àti ìtọ́ni tó ṣe kedere lórí èérí àti omidùn. Bí omidùn bá kún fún májèlé, àwọn ìyá tó ń fi í se àgbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ kíákíá, a kò sì ní dúró de ìwé ìròyìn ìmọ̀ kankan kí á tó sọ fún wọn.

Ìwé kíkún àti àlàyé ìṣirò wa ti wà ní sẹpẹ́. Bí ẹ bá pè wá sí àyẹ̀wò kejì, a ó fi wọ́n ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.